Wákàtí Márùn-ún Tí Ẹnikẹ́ni Kò Gbọdọ̀ Jí Ìyá Ọmọ

Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin bàbá, àti ẹ̀yin tí ẹ ṣì ń retí ọmọ, ẹ kú ìkàlẹ̀. Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí àárẹ̀ àti ìbànújẹ́ tó máa ń bá àwọn ìyá lẹ́yìn ìbímọ. Ọ̀rọ̀ náà gbòòrò, bí mo bá ní kí n tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀, ilẹ̀ á ṣú bá wa níbí. Òru nìkan ni mo fẹ́ mú níbẹ̀: ta ló ń jí, ta ló ń sùn, kí ló sì ń ṣẹlẹ̀ sí ọkàn ẹni tí kò rí oorun sùn.

Iṣẹ́ agbẹ̀bí ni mo ń ṣe. Bí ìyá ọmọ bá wá fún àyẹ̀wò lẹ́yìn ìbímọ, kí n tó wọn ọmọ, kí n tó béèrè bí ojú egbò ṣe rí, mo máa ń bi í pé, "Wákàtí mélòó lẹ sùn lánàá?" Ọ̀pọ̀ á dáhùn pé wákàtí márùn-ún, àwọn mìíràn á ní mẹ́fà. Bàbá ọmọ tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ á mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni, ó sùn dáadáa. Nígbà náà ni màá wá béèrè èkejì: "Nínú wákàtí mẹ́fà yẹn, èwo ló gùn jù láìjá?" Ibẹ̀ ni ìdákẹ́jẹ́ ti máa ń bẹ̀rẹ̀, tí wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka kà á.

Ẹ jẹ́ kí àwa náà kà á. Ìkókó máa ń jẹun ní ìgbà 8 sí 12 láàárín ọ̀sán àti òru. Inú rẹ̀ kéré, kò sì tíì mọ òru yàtọ̀ sí ọ̀sán. Aago inú ara tó ń sọ fún àgbàlagbà pé ilẹ̀ ti ṣú, ó dìgbà tí ọmọ bá tó bí oṣù 2 sí 3 kí tirẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́. Nítorí náà, ọmọ tó ń jí lóru kò bàjẹ́, ẹnikẹ́ni kò sì bà á jẹ́.

Ó dára. Ọmọ jí ní aago 11:15 alẹ́. A pààrọ̀ ìléèdí rẹ̀, ó mu ọmú fún bí ìṣẹ́jú 25 sí 30, a gbé e sí èjìká kí ó lè gùfẹ̀, a rẹ̀ ẹ́ títí ó fi sùn, a tẹ́ ẹ sí ààyè rẹ̀. Lẹ́yìn náà ìyá fúnra rẹ̀ á dùbúlẹ̀, ojú rẹ̀ á là sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ kí oorun tó padà gbé e lọ. Gbogbo ìyẹn lápapọ̀, ẹ kà á sí ìṣẹ́jú 70. Ọmọ á tún jí ní aago 2:00, á tún jí ní 4:45. Bí ìyá yìí bá sùn ní bí aago 10:20 tó sì dìde pátápátá ní 6:30 àárọ̀, àpapọ̀ oorun rẹ̀ jẹ́ wákàtí 4 àti ìṣẹ́jú 40. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ó ṣe já: ìṣẹ́jú 55, lẹ́yìn náà 95, lẹ́yìn náà 95, lẹ́yìn náà 35. Èyí tó gùn jù lọ kò tó wákàtí méjì.

Oorun àgbàlagbà máa ń yí po ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 90 lẹ́ẹ̀kan, a sì ní láti yí i po léraléra kí ara àti ọpọlọ tó rí ìsinmi. Oorun ìjìnlẹ̀, èyí tí ẹni tó sùn kì í gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣílẹ̀kùn, apá ìbẹ̀rẹ̀ òru ló máa ń pọ̀ sí. Oorun ìyá tí mo ṣírò tirẹ̀ yìí kì í yí po ju ẹ̀ẹ̀kan péré lọ kí wọ́n tó já a. Bí ó ṣe ń wọ inú oorun ni wọ́n ń fà á jáde. Kò pẹ́, ọwọ́ rẹ̀ á máa gbọ̀n, á gbàgbé ohun tó lọ mú ní yàrá, ọ̀rọ̀ tí kò tó nǹkan á mú un bínú, ẹkún á sì wà nítòsí ojú rẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Ẹni tó bá rí i á ní ìwà rẹ̀ ti yí padà. Ó yí padà lóòótọ́. Ẹ̀yin náà ẹ sun irú oorun yẹn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ká wo ìwà yín.

Àmọ́ kì í ṣe àárẹ̀ nìkan ló wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, ìdí nìyẹn tí mo fi gbọ́dọ̀ ya nǹkan mẹ́ta sọ́tọ̀ kí n tó dé ọ̀dọ̀ àwọn bàbá.

Àkọ́kọ́ ni ẹkún ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Bí olóbi bá ti jáde, àwọn họ́mónù tó ti ga láti oṣù pípẹ́ máa ń já wálẹ̀ láàárín ọjọ́ kan sí méjì. Ní bí ọjọ́ kẹta sí ìkarùn-ún, ìyá lè máa sunkún láìmọ ìdí, kí ó rẹ́rìn-ín kí omi ojú tó gbẹ. Ó ju ìdajì àwọn ìyá lọ tó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Kò nílò oògùn. Ó máa ń lọ fúnra rẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé.

Èkejì ni ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn lẹ́yìn ìbímọ. Eléyìí kì í lọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ó sì lè bẹ̀rẹ̀ nígbàkigbà láàárín ọdún àkọ́kọ́, kódà nígbà tí gbogbo ènìyàn bá ti rò pé ewu ti kọjá. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nínú ìyá 100 tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, bíi 13 ni àìsàn ọkàn máa ń bá, ìrẹ̀wẹ̀sì yìí ló sì pọ̀ jù níbẹ̀. Ìyá á sọ pé òun kò nífẹ̀ẹ́ sí nǹkankan mọ́, pé òun kò tó ìyá ṣe, pé ilé á sàn jù bí òun kò bá sí níbẹ̀. Àwọn kan kì í sunkún rárá; ìbẹ̀rù ni tiwọn, wọn á máa lọ fọwọ́ kan àyà ọmọ bóyá ó ṣì ń mí, lọ́pọ̀ ìgbà nínú wákàtí kan.

Ẹ̀kẹta ni ìdàrú ọpọlọ lẹ́yìn ìbímọ. Ó ṣọ̀wọ́n, 1 tàbí 2 nínú ìyá 1,000, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́ ẹ mọ̀ ọ́n. Ní ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ ló sábà máa ń bẹ̀rẹ̀, ó sì máa ń yára. Ìyá á máa gbọ́ ohùn tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́, á máa sọ ọ̀rọ̀ tí kò so mọ́ra, á ní wọ́n ti pààrọ̀ ọmọ òun, kò ní sùn fún òru méjì síbẹ̀ agbára á máa pọ̀ sí i lára rẹ̀. Ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ẹ má fi òun àti ọmọ nìkan sílẹ̀, kódà fún ìṣẹ́jú tí ẹ fẹ́ fi lọ pe mọ́tò.

Ẹni tí kò rí oorun sùn àti ẹni tí ọkàn rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì jọra gan-an lójú. Ó rẹ àwọn méjèèjì, àwọn méjèèjì ń sunkún, àwọn méjèèjì ń gbàgbé nǹkan. Àìsùn sì tún lè ti ẹni tó wà létí bèbè ṣubú sínú ìrẹ̀wẹ̀sì. Báwo la ṣe máa yà wọ́n sọ́tọ̀? Nínú ìrírí mi, kò sí ọ̀nà tó rọrùn tó kí a fún ìyá náà ní oorun gidi, kí a sì wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Ẹ fi wákàtí márùn-ún tí kò já fún un lóru kọ̀ọ̀kan, fún bí ọ̀sẹ̀ kan. Bí àárẹ̀ nìkan bá ni, ẹ máa rí i kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí: oúnjẹ á bẹ̀rẹ̀ sí í wù ú, á dá yín lóhùn bí ẹ bá dápàárá. Bí ó bá dùbúlẹ̀ nínú yàrá tó dákẹ́, tí ọmọ ti sùn, tí ẹlòmíràn ń ṣọ́ ọmọ náà, tí oorun kò sì wá, tàbí tó sùn tó sì jí pẹ̀lú ọkàn tó wúwo bí ti àná, ẹ ti rí ohun tí ẹ gbọ́dọ̀ sọ fún dókítà. Èyí kò wà fún ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ikú tàbí ẹni tí mo ṣàpèjúwe nínú ẹ̀kẹta yẹn o. Àwọn yẹn kò ní ọ̀sẹ̀ kan tí wọ́n lè fi dúró.

Ní báyìí, ẹ̀yin bàbá, ọ̀rọ̀ kàn yín.

Ohun tí mo máa ń gbọ́ ni pé, "Mo sọ fún un pé kí ó jí mi bí ó bá nílò mi." Ọ̀rọ̀ dídùn ni, ṣùgbọ́n kò ṣe nǹkankan fún oorun rẹ̀. Kí ó tó lè jí yín, òun ló ní láti kọ́kọ́ jí. Òun ló gbọ́ ẹkún, òun ló pinnu bóyá ẹkún ebi ni tàbí ti ìléèdí, òun ló rò ó bóyá ó tọ́ kí òun jí ẹni tó ń lọ síbi iṣẹ́ lọ́la. Nígbà tó bá fi máa rò ó tán, ojú rẹ̀ ti là pátápátá, á kúkú ṣe é fúnra rẹ̀. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ pé ẹ ń ràn án lọ́wọ́ lóru kò tó. A máa pín òru sí méjì ni, kí apá kan jẹ́ tiyín, tiyín pátá: etí, ọwọ́ àti ìpinnu.

Ẹ jẹ́ ká padà sí ọmọ wa tó ń jí ní 11:15, 2:00 àti 4:45. Ẹ jẹ́ ká ní ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ó ń mu ọmú dáadáa, ó ń tóbi bó ṣe yẹ, bàbá rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ jáde nílé ní aago 7:30 àárọ̀.

Ní aago 8:00 alẹ́, ìyá fún ọmọ lọ́mú. Ní 8:30, ó ti wà lórí bẹ́ẹ̀dì, nínú yàrá tí ọmọ kò sí. Láti ìgbà náà títí di 1:30 òru, bàbá ló ni ọmọ. Bí ọmọ bá sùn ní 9:00, kí bàbá náà sùn ní tòsí rẹ̀. Òru kì í ṣe àsìkò fíìmù. Ní 11:15, ọmọ jí. Bàbá pààrọ̀ ìléèdí, ó fún un ní wàrà ìyá rẹ̀ tí wọ́n ti fún sílẹ̀, ó mú kí ó gùfẹ̀, ó rẹ̀ ẹ́ sùn. Ní 1:30, ó gbé ọmọ àti ibùsùn rẹ̀ wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá, òun náà lọ sùn níbi tí kò ti ní gbọ́ nǹkan títí di 6:30. Ìyá ló máa gba jíjí ti 2:00 àti ti 4:45.

Ẹ tún un kà. Ìyá ti sun wákàtí 5 tí kò já, ó sì tún rí bíi wákàtí 2 sí i láàárín jíjí méjì tó kù, ó di nǹkan bíi 7. Bàbá náà rí wákàtí 5 tí kò já, yàtọ̀ sí èyí tó rí kí 11:15 tó lù. Ọmọ kò pàdánù oúnjẹ kankan. Jíjí kan ṣoṣo ló kúrò lọ́rùn ìyá, síbẹ̀ oorun tó gùn jù lọ fún un kúrò ní ìṣẹ́jú 95, ó di 300.

Ìdí tí mo fi fi apá àkọ́kọ́ fún ìyá ni pé oorun ìjìnlẹ̀ pọ̀ sí ìbẹ̀rẹ̀, ọ̀pọ̀ bàbá sì ṣì máa ń wà lójúfò ní ìbẹ̀rẹ̀ alẹ́. Àmọ́ bí bàbá bá jẹ́ ẹni tí ojú rẹ̀ máa ń kú ní aago mẹ́sàn-án, tó sì máa ń jí fúnra rẹ̀ ní mẹ́rin ìdájí, ẹ yí i padà. Kò sí òfin lórí èyí tó ṣáájú.

Bí mo bá dé ibí, ìyá kan á béèrè nípa ọmú, ó sì tọ̀nà. Ọmú máa ń mú wàrà jáde ní ìwọ̀n bí a ṣe ń fà á. Bí ó bá kún tó sì pẹ́ láìsí ẹni tó fà á, ara á rò pé wàrà ti pọ̀ jù, á dín in kù. Ó tún lè le, kí ó máa ro ìyá, kí ó sì di ìwúlé. Ìdí nìyẹn tí a kò fi fẹ́ kí ẹ bẹ̀rẹ̀ ètò ìgò yìí ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ bí ọmọ bá ń mu ọmú. Ẹ jẹ́ kí ó pé ọ̀sẹ̀ 3 sí 4, kí wàrà ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, kí ọmọ ti mọ bí a ṣe ń gbá orí ọmú mú.

Kí ni bàbá máa ṣe ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́ yẹn? Ó lè gba gbogbo nǹkan tó yí ọmú ká. Òun ló máa dìde nígbà tí ọmọ bá sunkún, òun ló máa pààrọ̀ ìléèdí, á gbé ọmọ wá bá ìyá lórí ibùsùn, ìyá á fún un lọ́mú ní ìdùbúlẹ̀ láìtan iná ńlá, bàbá á dúró tì wọ́n kí oorun má bàa gbé ìyá lọ pẹ̀lú ọmọ lábẹ́ apá. Bí ọmọ bá ti tu ọmú sílẹ̀, bàbá á gbé e kúrò, á mú kí ó gùfẹ̀, á rẹ̀ ẹ́ sùn. Ìṣẹ́jú 70 yẹn á di nǹkan bí 30 fún ìyá. Kò tíì jẹ́ wákàtí márùn-ún, ṣùgbọ́n ó yàtọ̀ gan-an sí kí ó dá a ṣe.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ kẹrin bá wá dé, oúnjẹ kan péré ni a fẹ́ fún sílẹ̀. Ọmọ oṣù kan máa ń mu nǹkan bí mílílítà 750 láàárín wákàtí 24; bí ó bá ń jẹun ní ìgbà 9, ìyẹn kò ju bíi 80 sí 85 lọ lẹ́ẹ̀kan. Ní àárọ̀ ni ọ̀pọ̀ ìyá máa ń ní wàrà jù, nítorí náà kí ó fún un ní bíi wákàtí kan lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀ ọmọ, pẹ̀lú ọwọ́ tàbí ẹ̀rọ. Bí kò bá pé lẹ́ẹ̀kan, kí ó fún un lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ má da èyí tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ sórí èyí tó ti tutù. Ẹ jẹ́ kí tuntun náà tutù ná. Nínú fìríìjì, wàrà yìí dára fún ọjọ́ 4. Níta fìríìjì, bí ooru yàrá kò bá ju 25°C lọ, ó dára fún wákàtí 4. Bí yàrá bá gbóná ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e tó bẹ́ẹ̀. Kí ìyá fún ọmọ lọ́mú dáadáa ní 8:00 kí ó tó sùn. Bí ọmú bá jí i nítorí pé ó kún, kí ó fún díẹ̀ jáde títí ara á fi rọ̀ ọ́, kí ó padà sùn. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ara rẹ̀ á mọ ètò náà.

Bàbá, bí ẹ bá fẹ́ lo wàrà náà, ẹ gbé ìgò sínú abọ́ omi gbígbóná, ẹ má gbé e sínú ẹ̀rọ tó ń fi ìtànṣán mú oúnjẹ gbóná, torí ó máa ń gbóná ní ojú kan ju ojú kejì lọ, ó sì lè bó ọmọ lẹ́nu. Ẹ kán an sí ọrùn ọwọ́ yín kí ẹ tó fún un. Ẹ gbé ọmọ náà sókè díẹ̀, ẹ dá ìgò sílẹ̀ bí ẹni fẹ́ tẹ́ ẹ, kí wàrà má bàa ya wọ̀ ọ́ lẹ́nu, kí ẹ sì máa sinmi láàárín. Ọmọ tó bá ní òun kò gba ìgò lè gba kọ́ọ̀bù kékeré. Èyí tó bá ṣẹ́ kù, wákàtí méjì péré ló ní lẹ́yìn tí ọmọ bá jẹun tán. Ẹ dà á nù lẹ́yìn ìyẹn. Ẹni tó ń lo wàrà inú agolo ní tirẹ̀ gbọ́dọ̀ fi omi tó ti hó po ó nígbà tí omi náà kò tíì tutù ju 70°C lọ, torí pé ìyẹ̀fun wàrà kì í ṣe ohun tí kòkòrò kò lè wọ̀. Lẹ́yìn náà kí ó mú un tutù kí ó tó fún ọmọ.

Ètò yìí máa ń bàjẹ́, mo sì ti mọ ibi tó ti máa ń bàjẹ́.

Ibi àkọ́kọ́ ni etí ìyá. Ó wà lórí ibùsùn, ṣùgbọ́n ó ń gbọ́ gbogbo ìró. Bí ọmọ bá ké, ara rẹ̀ á ta, kódà bí bàbá bá ti gbé e. Ẹni tó ń tẹ́tí kò sùn. Bí yàrá kejì bá wà, ẹ lò ó, kí ẹ sì ti ìlẹ̀kùn. Bí kò bá sí, bàbá ló gbọ́dọ̀ gbé ọmọ jáde kúrò ní yàrá fún apá tirẹ̀, kí ìyá fi òwú di etí tàbí kí ó tan fáànù tó ń hó. Òru méjì àkọ́kọ́ kì í dára. Oorun rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í wá nígbà tó bá rí i pé ẹnikẹ́ni kò kanlẹ̀kùn.

Èyí sì gbé wa dé ibi kejì: kíkan ìlẹ̀kùn. "Ìyá ọmọ, níbo ni ìléèdí wà?" "Ṣé kí n tún fún un sí i?" Bàbá tó bá béèrè ìbéèrè kan ní aago 11:20 ti já oorun náà, kò sí bó ṣe lè lẹ̀ ẹ́ padà. Kí gbogbo ohun tí ẹ máa lò ti wà nílẹ̀ ní aago 8, kí ẹ sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àwọn iṣẹ́ wọ̀nyí lọ́sàn-án kí ẹ tó gba òru. Ọmọ lè ké fún ìṣẹ́jú 20 lọ́wọ́ yín. Kò túmọ̀ sí pé ìyá rẹ̀ ló fẹ́. Ẹ gbé e mọ́ àyà, ẹ máa rìn, ẹ máa kùn sí i létí. Ohun tí ẹ lè torí rẹ̀ jí i ni: ara ọmọ gbóná tó 38°C, ó ń mí tagbáratagbára, ó kọ oúnjẹ méjì tẹ̀léra, tàbí ó rọ̀ jọwọrọ tí kò ṣeé jí. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìyá, kí ó fi bàbá sílẹ̀ kí ó so ìléèdí bó ṣe mọ̀ ọ́n so. Ìléèdí tó wọ́ díẹ̀ kò pa ọmọ rí.

Ibi kẹta ló ń bà mí lẹ́rù jù: àga. Bàbá tó rẹ̀, tó jókòó sórí àga onítìmùtìmù pẹ̀lú ọmọ láyà, tó ní òun kàn fẹ́ pajú dé díẹ̀. Ọmọ lè yọ́ sáàárín rẹ̀ àti ìrọ̀rí àga, kí èémí rẹ̀ dí, láìsí ìró kankan. Ó léwu ju ibùsùn lọ fíìfíì. Bí oorun bá ń kùn yín, ẹ dìde dúró, ẹ tẹ́ ọmọ sí ààyè tirẹ̀: ní ẹ̀yìn, lórí ibi tó tẹ́jú tó sì le, láìsí ìrọ̀rí, láìsí aṣọ tó wúwo lára rẹ̀, nínú yàrá kan náà pẹ̀lú ẹni tó ń ṣọ́ ọ. Ó sàn kí ó máa ké níbẹ̀ ju kí ó máa sùn lórí yín nígbà tí ẹ̀yin náà ń sùn lọ.

Mo fẹ́ fi gbólóhùn díẹ̀ kún un nípa àwọn bàbá fúnra wọn. Bíi bàbá 1 nínú 10 náà ni ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn máa ń bá ní àsìkò yìí, ó sì wọ́pọ̀ sí i bí ìyá bá ń ṣàìsàn náà. Tiwọn kì í sábà jẹ́ ẹkún. Ìbínú ni, tàbí kí ó máa pẹ́ níbi iṣẹ́ láìsí iṣẹ́. Òun náà ló fà á tí mo fi ta kú pé kí àwọn méjèèjì rí wákàtí márùn-ún wọn. Ètò tó fi gbogbo òru lé bàbá lórí kò ní pé ọ̀sẹ̀ méjì kó tó dàrú.

Ẹ jẹ́ ká ní ọ̀sẹ̀ kan ti pé, oorun ti wà, ṣùgbọ́n ìyá kò yí padà. Ní ilé ìwòsàn, a máa kọ́kọ́ wo ara. Ìyá tó pàdánù ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ nígbà ìbímọ lè má ní ẹ̀jẹ̀ tó lára, á máa rẹ̀ ẹ́, á máa mí hẹlẹ bí ó bá gun àtẹ̀gùn. Ẹ̀yà ara kékeré kan wà níwájú ọrùn tí wọ́n ń pè ní táírọ́ìdì, ó lè dàrú láàárín ọdún àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìbímọ. Bí iṣẹ́ rẹ̀ bá dín kù, ó máa ń rẹ ènìyàn, òtútù máa ń mú un, ọkàn rẹ̀ a sì rẹ̀wẹ̀sì, bí ìrẹ̀wẹ̀sì lẹ́yìn ìbímọ gẹ́lẹ́. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló máa fi àwọn méjèèjì hàn. Mi ò fẹ́ kí wọ́n kọ oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì fún ìyá tí ẹ̀jẹ̀ ló ṣaláìní.

Lẹ́yìn náà ni ìwé ìbéèrè. Ẹ máa gbọ́ orúkọ Ẹ́dínbọ́rà, láti orúkọ ìlú kan ní Skọ́tíláńdì ni orúkọ náà ti wá, ọdún 1987 ni ó jáde. Ìbéèrè 10 ló wà níbẹ̀, lórí bí ọkàn ìyá ti rí láàárín ọjọ́ 7 tó kọjá. Ìdáhùn kọ̀ọ̀kan ní máàkì 0 sí 3, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 30. Ọ̀pọ̀ ibi ló ń ka 13 sókè sí àmì pé kí dókítà wo ìyá náà dáadáa; àwọn kan ti ń bẹ̀rẹ̀ láti 10. Kò fi dájú pé ó ń ṣàìsàn, ó kàn ń sọ pé kí a má jẹ́ kí ó lọ sílé bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè kẹwàá béèrè bóyá ó ti wá sí i lọ́kàn láti ṣe ara rẹ̀ léṣe. Ìdáhùn tí kì í ṣe 0 níbẹ̀, ọjọ́ náà la máa bójú tó o, bí àpapọ̀ rẹ̀ tilẹ̀ jẹ́ 6. Ẹ̀yin bàbá, ẹ jáde kúrò ní yàrá nígbà tó bá ń kọ ọ́. Mo ti rí ìyá tó fún mi ní ìwé kan nígbà tí ọkọ jókòó, tó fún mi ní òmíràn nígbà tó jáde.

Ìtọ́jú wà. Fún èyí tí kò le púpọ̀, ìjókòó déédéé pẹ̀lú ẹni tó kọ́ṣẹ́ ìtọ́jú ọkàn máa ń tó. Bí ó bá le, oògùn wà tí ìyá tó ń fún ọmọ lọ́mú lè lò. Sẹ́tráláìnì ni ọ̀pọ̀ dókítà ń kọ́kọ́ mú, nítorí ìwọ̀nba kínún ló ń wọnú wàrà. Ó máa ń gba ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kó tó ṣiṣẹ́, wọn kì í sì í já a lójijì nítorí pé ara ti yá. Ní gbogbo àsìkò yẹn, kí ètò òru máa lọ bó ṣe ń lọ. Oorun kò lè wo ìrẹ̀wẹ̀sì sàn fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n oògùn tàbí ìjókòó tí a ń fún ẹni tó ń sun ìṣẹ́jú 95 kì í ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ.

Wọ́n ní kí n gba ìbéèrè. Ẹ̀gbọ́n kan béèrè pé iṣẹ́ alẹ́ ni òun ń ṣe, òun kì í sí nílé láti 7:00 alẹ́ sí 7:00 àárọ̀, báwo ni òun ṣe máa pín òru? Ẹ kò lè pín in, ẹ̀gbọ́n. Ẹ wá wákàtí márùn-ún yẹn níbòmíràn. Bí ẹ bá dé ní 7:30, ìyá á ti fún ọmọ lọ́mú, á wọ yàrá, á fa aṣọ ojú fèrèsé dé, á sùn títí di 12:30; ẹ̀yin lẹ ni ọmọ náà, pẹ̀lú wàrà oúnjẹ kan tàbí méjì nínú fìríìjì. Lẹ́yìn náà ẹ̀yin náà á sùn láti 12:30 sí 5:30. Bí ó bá jẹ́ pé mọ́tò tàbí ẹ̀rọ ńlá lẹ ń wà níbi iṣẹ́, tí ojú yín sì ti kú nígbà tí ẹ dé, ẹ má gba ọmọ. Ẹ sùn ná. Ní ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ẹ wá ẹlòmíràn, àbúrò tàbí ọ̀rẹ́ tí ẹ fọkàn tán, tí yóò wá ní ìgbà mẹ́ta lọ́sẹ̀ láti 8:00 sí 1:00 ọ̀sán. Bí ó bá sì ní òun fẹ́ wá bá yín fọ aṣọ ni, ẹ dúpẹ́, kí ẹ sì sọ fún un pé ọmọ gan-an lẹ fẹ́ kó gbé.